Déètì Tó Bo Kẹ́hìndé Lójú

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Lawanson, ní Sùúrùlérè, tí ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Fọ́tò, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí yóò júwe rẹ̀ fún yín: lẹ́yìn ilé ìtajà oògùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń rán kọ́tíìnì. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Àǹtí Fọ́tò kì í ya fọ́tò. Kò ní kámẹ́rà, kò sì wù ú láti ní. Fọ́tò tí ẹlòmíì ti yà, tí òjò ti pa, tí ikán ti bù jẹ, tí ọmọ ti fi bírò ya irùngbọ̀n sí ìyá àgbà lójú, òun ni wọ́n máa ń gbé wá bá a. Á fi í sínú ẹ̀rọ skánà, á gbé e sórí kọ̀ǹpútà, á máa tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹni tó ni ín á fi pariwo pé àṣé báyìí ni bàbá òun ṣe rẹwà tó.

Motọ́lání ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Bàbá rẹ̀, Oyèwọlé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ní ilé fọ́tò kan ní Èbúté Mẹ́ta nígbà ayé rẹ̀, ní òpópónà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Inú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni Motọ́lání ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré níta, òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kán aró dúdú sí ojú ibi tí eruku bá ti ṣe àmì funfun sára fọ́tò, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, láìkánjú. Iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di onísùúrù ènìyàn. Ó tún sọ ọ́ di ẹni tó máa ń tẹjú mọ́ ojú èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ, débi pé àwọn àlejò máa ń fọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bóyá ọbẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ohun tí àwọn oníbàárà máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe kò lóǹkà. Obìnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi yọ ọkọ mi kúrò nínú fọ́tò Iléyá yìí, ṣùgbọ́n ẹ fi àgbò sílẹ̀ o.” Motọ́lání yọ ọkọ, ó fi àgbò sílẹ̀. Kò bi í ní ìdí. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún jù lọ ni pé kó bá wọn pa déètì rẹ́.

Ẹ rántí kámẹ́rà àwọn ọdún yẹn, èyí tó máa ń fúnra rẹ̀ kọ ọdún, oṣù àti ọjọ́ sí igun fọ́tò. Nọ́ńbà pupa rúsúrúsú, tó ń tàn bí ẹyin iná, ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, á máa rìn bí ọmọ ọba láàárín àwọn ará ilé. Ẹni tó sì ronú kan nǹkan yìí, ẹ jọ̀ọ́, kò ro ti ẹni tó máa jókòó sí igun ọ̀tún rárá. Bí déètì bá bọ́ sórí iyanrìn tàbí sórí sìmẹ́ńtì, ìṣẹ́jú méjì péré ni iṣẹ́ Motọ́lání: á mú lára iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi bò ó, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀. Bó bá bọ́ sórí àǹkárá aláràbarà, ó lè gbà á ní wákàtí kan. Èyí tó bá bọ́ sórí ènìyàn ni wàhálà, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń mú lára ènìyàn kan fi dí òmíràn.

Irú rẹ̀ ló wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló gbé e wá láti Mushin. Ìyá náà, Alhaja Bàlíkísù, ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì le koko bí ohùn ẹni tó fi ogójì ọdún polówó abọ́ tánńganran. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Ìbejì. Ọmọ rẹ̀, Ummulkhair, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yaba, lé díẹ̀ ní ọdún márùndínlógójì. Táíwò ni ìyá rẹ̀ ń pè é.

“Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà,” ni Táíwò wí. “Èmi ni mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín lórí Wáàsáàpù lánàá. Wọ́n ti skáànì ẹ̀ fún wa tipẹ́, ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan.”

Motọ́lání ṣí i sórí kọ̀ǹpútà, ó yí i kí Ìyá Ìbejì náà lè rí i. Ọjọ́ Iléyá ni wọ́n ya fọ́tò náà, ní ọdún 1994. Bàbá àwọn ọmọ náà, tó ti di olóògbé báyìí, dúró sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá jókòó lórí àga, ojú rẹ̀ dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Àwọn ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́rin, jókòó sórí ẹní níwájú, aṣọ wọn dọ́gba. Táíwò wà lápá òsì, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn. Lápá ọ̀tún rẹ̀, ní igun gan-an, ọmọ kejì jókòó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló wà níbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. '94 5 21. Ìdajì nọ́ńbà náà bọ́ sórí ẹní, ìdajì kejì sì bo ọmọ náà láti ìpéǹpéjú dé ètè, ìtànṣán rẹ̀ sì ba èyí tó kù jẹ́. Iwájú orí àti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n nìkan ló ṣẹ́kù sílẹ̀.

“Kẹ́hìndé nìyẹn,” ni Ìyá Ìbejì wí. “Teslim, àbúrò ọkọ mi, ló ya á. Kámẹ́rà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ ẹ̀ ni. Kò sí fọ́tò mìíràn. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú Kẹ́hìndé lọ kí Iléyá kejì tó dé.”

Motọ́lání kẹ́dùn. Ìyá náà fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, ní ibi tí nọ́ńbà wà.

“Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Nígbà kan, bí mo bá dijú báyìí, màá rí i kedere. Mi ò nílò fọ́tò. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, tí mo bá dijú, Táíwò ni mò ń rí. Mi ò mọ̀ mọ́ bóyá Kẹ́hìndé náà wà níbẹ̀ àbí kò sí. Ojú ẹ̀ ti ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan péré kí Ọlọ́run tó pè mí.”

Táíwò ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá náà jáde lọ jókòó sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ló tó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Àǹtí, mo ti lo áàpù kan lórí fóònù. Ó yọ nọ́ńbà náà lóòótọ́, àmọ́ ojú tó gbé síbẹ̀, ojú ọmọ òyìnbó tí wọ́n fi èédú kùn ni. Mi ò lè fi hàn wọ́n.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. “Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi ti rí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé, ‘Táíwò, yíjú síbí,’ wọ́n á wá máa wò mí. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wò. Títí mo fi di ogún ọdún, aṣọ Iléyá méjì méjì ni wọ́n ń rà fún mi.”

“Ẹ fi sílẹ̀ fún mi,” ni Motọ́lání wí. “Lọ́jọ́bọ̀, ẹ padà wá.”

Ó ti mọ ohun tó máa ṣe. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, obìnrin kan wá bá bàbá rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì rẹ̀ ti kú láìya fọ́tò rí. Oyèwọlé gbé èyí tó kù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga, ó ya á. Nínú yàrá òkùnkùn, ó tẹ ọmọ kan náà sórí bébà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Motọ́lání ló ń bá a di páálí mú tí wọ́n fi bo apá kan nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí apá kejì. Nígbà tí bébà náà ń rin nínú omi oògùn, ọmọ méjì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Obìnrin náà gbé e mọ́ àyà lọ sílé. Kò sí ẹni tó pè é ní irọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún ìyá ìbejì nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ló sì gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nítorí náà, Motọ́lání gé ojú Táíwò kúrò nínú fọ́tò náà, ó yí i kó máa wo ọ̀nà kejì, ó gbé e lé ojú Kẹ́hìndé. Ó mú òjìji rẹ̀ bá ti ọrùn mu, ó dín ẹ̀rín náà kù díẹ̀, ó fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ pọ̀ mọ́ irun. Ó lo ọjọ́ kan àtààbọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn ọmọbìnrin méjì ló jókòó lórí ẹní, ẹní sì mọ́ tónítóní láìsí nọ́ńbà kankan. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní bí bàbá òun bá rí èyí, yóò fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyá Ìbejì gba fọ́tò náà, ó fi awò ojú wọ̀, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Táíwò wò ó láti ẹ̀yìn èjìká ìyá rẹ̀, ó sì yára wo ibòmíràn. Òun ti mọ ojú ara rẹ̀.

“Ó mà rẹwà o,” ni ìyá náà wí. Ó gbé ojú sókè sí Motọ́lání, ó sì béèrè ohun tí Motọ́lání kò retí láyé rẹ̀. “Ṣé báyìí ló rí?”

Ìyá náà tún wo fọ́tò. “Bóyá,” ló ní. “Bóyá báyìí náà ló rí. Ìbejì ṣáà ni wọ́n. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san rere, ọmọ mi.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn rẹ̀ wé fọ́tò náà.

Ẹ̀rù ba Motọ́lání gan-an. Bí ìyá náà bá bínú, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bà á lẹ́rù ni pé ó fẹ́ gbà. Ìyá tó wá wá ojú ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ gba irọ́ lọ́wọ́ òun, yóò gbé e kọ́ sí pálọ̀, yóò máa wò ó láràárọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù nínú ọkàn rẹ̀ nípa Kẹ́hìndé yóò sì parẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ti obìnrin Èbúté Mẹ́ta yàtọ̀. Ìyẹn kò gbàgbé ojú ọmọ rẹ̀, ohun tí yóò gbé kọ́ ló ń wá.

“Màmá,” ló ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tí ì gbé e lọ. Mo jẹ̀bi yín. Ojú Táíwò ni mo gbé síbẹ̀.”

Ìyá náà dúró. “Mo mọ̀,” ló ní. “Ó ń ṣe mí bíi pé mo mọ̀.” Ó dá fọ́tò náà padà sórí tábìlì pẹ̀lú ìwà jẹ́jẹ́, ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú. Òun àti Táíwò sì lọ. Motọ́lání fa fọ́tò náà ya sí mẹ́rin lẹ́yìn wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó jókòó sí iwájú búrẹ́dì àti ẹ̀wà, kò lè jẹ ẹ́. Ó ṣí fọ́tò náà bó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan tó máa ń gbà tọ́jú àbàwọ́n. Kọ̀ǹpútà lè pín fọ́tò aláwọ̀ sí ìpele mẹ́ta: ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, ìkọ̀ọ̀kan wọn á sì hàn bíi fọ́tò dúdú àti funfun. Bí epo tàbí omi òrùlé bá ta sí fọ́tò, inú ti búlúù ló máa ń dúdú sí jù. Nínú ti pupa, agbára káká la fi máa rí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ti pupa ni Motọ́lání máa ń ṣí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í tiẹ̀ yọjú sí ti búlúù mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló máa ń dọ̀tí jù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ti pupa náà ló ṣí, nọ́ńbà náà sì funfun níbẹ̀ bí ẹfun, kò sí ojú kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó ti gbà pé ohun tó jóná ti jóná.

Ó ń wo nọ́ńbà náà báyìí, àwọ̀ rẹ̀ sì mú un rántí gílóòbù pupa tó máa ń wà ní yàrá òkùnkùn bàbá rẹ̀. Gílóòbù yẹn máa ń tàn láti àárọ̀ dé alẹ́ lórí bébà fọ́tò tí wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn, kò sì ba ọ̀kan jẹ́ rí. Nígbà tó bi bàbá rẹ̀ léèrè, bàbá ní, “Bébà yìí kì í rí pupa. Búlúù ló ń rí.”

Motọ́lání fi ṣíbí sílẹ̀. Déètì kì í ṣe àbàwọ́n. Kò sí ohun tó ta sí fọ́tò yìí. Iná ni, iná pupa kékeré inú kámẹ́rà tó tàn sára fíìmù lọ́jọ́ náà. Àbàwọ́n a máa mú nǹkan ṣókùnkùn, iná a máa mú un mọ́lẹ̀. Ibi tí àbàwọ́n ti ń fara pamọ́ gan-an ni irú iná yìí ti máa le jù. Ibi tó dọ̀tí lójú òun láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kí òun ti wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bú ara rẹ̀ ní èdè Ìjẹ̀ṣà, ó sì ṣí ti búlúù.

Ohun tó rí kò ju ìṣùpọ̀ kéékèèké lọ, bí ìgbà tí wọ́n to bíríkì. Wáàsáàpù ti fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè fúyẹ́, àwọ̀ sì ni irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò hàn nínú rẹ̀ bó ṣe hàn nínú ti pupa. Ìyẹn ti tó fún un. Ó pe Táíwò.

“Mo fẹ́ fọ́tò gan-an, ojúlówó.”

“Àǹtí, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì fírémù o. Wọ́n gbìyànjú láti yọ ọ́ nígbà kan, ó fẹ́ máa bó.”

“Ẹ má yọ ọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ gbé fírémù wá bó ṣe wà.”

Ní Sátidé, Táíwò nìkan ló wá, ó fi táwẹ̀lì wé fírémù náà bí ọmọ tuntun. Motọ́lání tú ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ó yọ igi rẹ̀ kúrò, ó fi gíláàsì àti fọ́tò sílẹ̀ papọ̀. Ó nu gíláàsì náà. Ó ní skánà tuntun kan tó fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í rí ju ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ lọ. Ohun tó bá jìnnà díẹ̀ á ṣe bàìbàì. Ti àtijọ́, tó wúwo bí àpótí irin, tí àwọn èèyàn ń sọ pé kó tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, òun ló lè rí i gba inú gíláàsì kejì, ti fírémù. Ó dojú fọ́tò dé orí rẹ̀, ó ní kó fara balẹ̀ wò ó fínnífínní. Ẹ̀rọ náà rìn bí ìgbín. Àwọn méjèèjì jókòó tì í, Táíwò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára kálẹ́ńdà ara ògiri bíi pé ìdánwò ni.

Motọ́lání ṣí ti pupa: nọ́ńbà, funfun báláú. Ó ṣí ti àwọ̀ ewé: nọ́ńbà ṣì wà, ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó ṣí ti búlúù.

Ó kún fún hóró-hóró bí iyanrìn, ọjọ́ orí fọ́tò náà sì ti mú kí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Motọ́lání fà á mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìpéǹpéjú yọ. Imú yọ. Nọ́ńbà náà ṣì ṣe àmì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí rẹ̀, bí ìlà tó máa ń wà lára aṣọ tí wọ́n ká pẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

Táíwò dìde, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Mi ò tí ì parí,” ni Motọ́lání wí. “Ẹ má sọ nǹkan kan fún Màmá. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú wọn wá.”

Ó fi ìyókù ọjọ́ náà àti ọjọ́ Ajé láàárọ̀ ṣe é. Ó mú ìmọ́lẹ̀ àti òjìji láti inú ti búlúù, ó fi í ṣe egungun ojú náà. Ó mú àwọ̀ láti iwájú orí ọmọ náà fúnra rẹ̀ àti láti apá rẹ̀, ó fi í ṣe ẹran ara. Kò mú ẹyọ kan láti ara Táíwò. Àmì nọ́ńbà tó kù lórí imú, ó fi ọwọ́ kán an rẹ́ ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìgbà búrọ́ọ̀ṣì. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì tí hóró-hóró rẹ̀ pọ̀ jù, tí kò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bàìbàì. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti dí i, ó bá ara rẹ̀ wí.

Èyí tó kó o láyà sókè ni ìrísí ọmọ náà. Kẹ́hìndé kò rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ wo kámẹ́rà. Ó ń wo ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa ojú ro, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú gbọọrọ. Bí Motọ́lání bá fẹ́ fi í tu ìyá kan nínú, kì í ṣe irú ojú tí yóò yàn nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Ìbejì jókòó. Ó ti múra sílẹ̀ láti dúpẹ́ ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àgbà ṣe máa ń múra sílẹ̀ láti dúpẹ́ fún ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Motọ́lání gbé fọ́tò náà lé e lọ́wọ́. Ìyá náà fi awò ojú wọ̀.

Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó mú kí ẹni tó ń rán kọ́tíìnì yọ orí wọlé.

“Ó ń bínú!” ló ń pariwo. “Ẹ wá wò ó, ó ń bínú sí mi! Bàtà ni! Áà, bàtà ni o! Teslim ra bàtà fún wọn, Kẹ́hìndé ní ti Táíwò ló wu òun, ti òun ò wu òun, bẹ́ẹ̀ bàtà kan náà ni! Mo gbá a lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ò ní wo kámẹ́rà. Teslim bẹ̀ ẹ́, bàbá ẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò wò ó!” Omijé ti ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ṣì ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ètè. Bó bá bínú, ètè yẹn ló máa kọ́kọ́ wọ yàrá kó tó wọlé. Mo ti gbàgbé. Ọgbọ̀n ọdún, mo ti gbàgbé pé ọmọ yìí máa ń bínú. Mo ti sọ ọ́ di ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá.”

Ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ inú fọ́tò náà. “Kẹ́hìndé,” ló ní. “Má bínú mọ́. Kẹ́hìndé mi.”

Táíwò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń wo ọmọ tó fa ojú ro náà. “Màámi,” ló ní, “kò jọ mí.”

“Kò jọ ọ́ rárá.”

“Gbogbo ìgbà tí ẹ ní kí n yíjú sí yín. Gbogbo ìgbà yẹn. Kò jọ mí.”

Ìyá náà gbé ojú kúrò lára fọ́tò. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í wọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: irun tó ti ń ní ewú díẹ̀ ní ẹ̀bá etí, ìlà tó wà lábẹ́ ojú, ojú obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti pẹ́. Kò kánjú rárá. Motọ́lání, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ojú èèyàn, rí i pé kò sí ẹlòmíràn tí ìyá náà ń wá níbẹ̀.

“Táíwò,” ni Ìyá Ìbejì wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, “o mà ti dàgbà.”